Ohun Tí Ímeèlì Yín Ń Sọ Nígbà Tí Ẹ Wà Ní Ìsinmi

Ní ọdún 2008, ìgbìmọ̀ ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales fẹ́ ri pátákó kan mọ́ ẹ̀bá títì, láti kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù pé kí wọ́n má gba ibẹ̀, nítorí ilé àwọn èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀. Èdè méjì ni wọ́n ń kọ sára pátákó ojú títì ní Wales, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè ìbílẹ̀ wọn. Wọ́n kọ ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń bá wọn túmọ̀, èsì sì dé lédè Wales. Wọ́n kó o fún ẹni tó ń ṣe pátákó, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, wọ́n sì gbé e síta. Ìgbà tí àwọn tó gbọ́ èdè náà kà á ni wọ́n tó mọ ohun tó wà lára rẹ̀: mi ò sí ní ọ́fíìsì báyìí, ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kí n túmọ̀ ránṣẹ́.

Àwọn tó ṣe pátákó ni gbogbo ayé bá wí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ tún èsì yẹn wò, bó ṣe wà lára pátákó. Ẹni tó gbà á kò lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́. Kò sọ ọjọ́ tí atúmọ̀ náà ń padà bọ̀, kò dárúkọ ẹni tí a lè lọ bá. Èdè tí ẹni tó kọ̀wé kò gbọ́ ni wọ́n sì fi kọ ọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì atúmọ̀ ni, ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé wá ti jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Ẹni tó bá ń bá elédè Yorùbá àti elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ yẹ kó kọ èsì tirẹ̀ lédè méjèèjì, kí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì nínú lẹ́tà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Ká ní obìnrin kan ń mójú tó owó tí àwọn oníbàárà ń san wọlé ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Ó fẹ́ lo líìfù ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọjọ́ Ajé 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2026 títí dé ọjọ́ Ẹtì 14. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ń palẹ̀ mọ́ lọ, ó sáré tẹ èyí sínú ímeèlì rẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀. Mi ò sí lọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè wo ímeèlì. Màá dáhùn ní kíá tí mo bá dé."

Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò dáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹni tó máa kà á. Ọ̀sẹ̀ méjì láti ìgbà wo? Oníbàárà tó kọ̀wé ní ọjọ́ 12 kò mọ̀ pé ọjọ́ 3 ni ó ti lọ, yóò máa ka ọ̀sẹ̀ méjì tirẹ̀ láti ọjọ́ 12, á sì rò pé ó di ìparí oṣù. "Mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè" ni mo kórìíra jù nínú gbogbo irú èsì yìí. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀: oníbàárà á máa retí pé bóyá obìnrin náà á yọjú wo ímeèlì lálẹ́, kò sì ní wá ẹlòmíì lọ. Bó bá jẹ́ pé kò ní wò ó, kó sọ bẹ́ẹ̀. "Ní kíá" náà kò ní ọjọ́ nínú. Ti "ẹ káàárọ̀" sì rèé, ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá aago mẹ́wàá alẹ́ ni ẹni náà kọ̀wé.

Yorùbá ti ní ìkíni tó bá irú èyí mu: ẹ kú déédéé àsìkò yìí. Kò sí wákàtí tí kò bá mu, kò sì sí ọjọ́ orí tí a kò lè kí bẹ́ẹ̀. Èsì tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ kì í wo ojú ẹni tó kọ̀wé. Ọ̀gá àgbà, ọmọ ilé-ìwé tó ń wáṣẹ́ àti ìyá àgbà tó ń béèrè rìsíìtì, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa gbà. Nítorí náà, "ẹ" ni kí a lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí "o" níbẹ̀ rárá. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ̀fẹ̀ wọ inú rẹ̀. Lẹ́tà tó ń bọ̀ wá lè jẹ́ ti ẹni tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ti ẹni tó fẹ́ tú òfò fún wa. Bí ó bá pàdé àwàdà nípa etíkun àti ọtí tútù, ó máa dùn ún wọra.

Ẹ wo bí mo ṣe máa tún ti obìnrin náà kọ. Àkọlé rẹ̀ ni: Mo wà ní ìsinmi, mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé 17 oṣù Kẹjọ. Inú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ̀rọ ló ń bá mi fi èsì yìí ránṣẹ́, nítorí mo wà ní ìsinmi, mi ò sì ní ka ímeèlì kí n tó dé. Màá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹjọ 2026.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ti san tàbí rìsíìtì tí kò tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí àdírẹ́sì ẹ̀ka ìṣirò owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìwé owó yín sínú rẹ̀. Wọ́n máa dá yín lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá lè dúró dè mí, ẹ má wulẹ̀ tún un kọ. Lẹ́tà yín ti dé, màá sì dáhùn rẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì 21 oṣù Kẹjọ tó parí."

Ẹ ó rí i pé mi ò lo "títí di ọjọ́ 17". Àwọn kan á gbọ́ ọ pé ọjọ́ 17 ló ń wọṣẹ́, àwọn kan á ní ọjọ́ 18. "Màá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 17" kò ní ìtumọ̀ méjì. Ọjọ́ náà wà nínú àkọlé pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ju àkọlé lọ lójú fóònù. Ọjọ́ 21 tó fi ṣèlérí fún un ní ọjọ́ márùn-ún láti kà gbogbo ohun tó ti pọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun á dáhùn ní ọjọ́ tí òun bá dé yóò da ìlérí náà kó tó di ọ̀sán.

Àdírẹ́sì ẹ̀ka ló fi síbẹ̀, kò fi orúkọ ẹnì kan. Bó bá jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan ló fẹ́ dárúkọ, ó gbọ́dọ̀ ti bá a sọ ọ́, kó ti ṣàlàyé àwọn ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ fún un, kó sì ti rí i dájú pé ẹni náà kì í ṣe ẹni tó ń lọ sí líìfù ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ti rí i rí: èsì àkọ́kọ́ ní ká kọ̀wé sí ẹnì kejì, ti ẹnì kejì sì ní ká padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́.

Nínú Gmail orí kọ̀ǹpútà, a ó tẹ àmì Settings, lẹ́yìn náà See all settings, a ó wà ní General, a ó sì lọ sísàlẹ̀ pátápátá títí a ó fi rí Vacation responder. Àpótí First day àti Last day wà níbẹ̀. Èsì á bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru ọjọ́ àkọ́kọ́, á sì dúró nígbà tí ọjọ́ tó kẹ́yìn bá parí. Bí ilé-iṣẹ́ obìnrin wa kì í bá ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ 1, ìyẹn ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni kó kọ sí First day, kó sì kọ ọjọ́ 16 sí Last day. Bí kò bá kọ Last day rárá, ẹ̀rọ á máa sọ pé ó wà ní ìsinmi títí di ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá pa á, ibẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà ti ń rí èsì oṣù Kẹjọ gbà ní oṣù Kẹwàá. Kí ó tẹ Save Changes, kó wá ní kí ẹnì kan kọ̀wé sí i ní ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, kó rí i bó ṣe dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún.

Ẹni tó bá kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan kò ní gba èsì mẹ́ta. Gmail kì í fi èsì ránṣẹ́ sí ẹnì kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin; Outlook tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré sí ẹnì kọ̀ọ̀kan títí a ó fi pa á. Ohun tó fa ìdíwọ̀n yìí ni pé bí àwọn méjì bá jọ wà ní ìsinmi, tí ẹ̀rọ ọ̀kan sì dá ti èkejì lóhùn, èkejì lè tún dáhùn, kí wọ́n máa bá a lọ títí àpótí méjèèjì á fi kún. Ní ọdún 2004, IETF, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé RFC 3834 jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní kí irú èsì bẹ́ẹ̀ máa ru àmì kan tí ojú wa kì í rí ṣùgbọ́n tí àwọn ẹ̀rọ yòókù ń kà:

```
Auto-Submitted: auto-replied
```

Outlook ní àpótí ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan fún àwọn ará ilé-iṣẹ́, ọ̀kan fún àwọn ará ìta. Kò yẹ kí ohun kan náà wà nínú méjèèjì. Àwọn ará inú lè mọ ẹni tó ń dúró fún wa àti fóònù tí wọ́n lè pè. Ẹni tó wà níta kò nílò ìlú tí a lọ, orúkọ ọ̀gá wa, tàbí pé gbogbo ìdílé la jọ rìnrìn-àjò. Ọ̀nà tí àwọn gbájúẹ̀ ń gbà lò ó rọrùn: wọ́n á kọ ímeèlì sí àpótí wa kí èsì lè jáde, wọ́n á ti ibẹ̀ mọ̀ pé olùṣírò owó kò sí nílé títí ọjọ́ báyìí àti ẹni tó dúró dè é, wọ́n á wá kọ̀wé sí ẹni náà lórúkọ rẹ̀ pé kó san owó kan ní kíákíá, òun ti fọwọ́ sí i kóun tó lọ. Àìsàn àti ìsìnkú náà kò yẹ kó wọ inú rẹ̀. "Mo wà ní ìsinmi" tàbí "mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́" ti tó fún ará ìta.

Bí líìfù bá gùn sí i láìròtẹ́lẹ̀, ọjọ́ inú àkọlé, ọjọ́ inú lẹ́tà, ọjọ́ ìlérí àti Last day, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a gbọ́dọ̀ yí padà. Èyí tó wà nínú àkọlé ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù.