Àádọ́jọ Ọjọ́: Ìtọ́jú Oyún Ewúrẹ́ Kúkurú, àti Àmì Tí A Fi Ń Mọ̀ Pé Ìbí Ti Kù Sí Dẹ̀dẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Èrò tí ó ń wọ́ lọ, tí ó ń wọ́ bọ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ pọ̀ ju kí a ráyè ka ẹni tí kò yọjú lọ; ṣùgbọ́n bí ènìyàn tilẹ̀ ṣàìwá, ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa kì í ṣàìwá, àní ẹran abẹsẹ̀-kúkurú, abirùngbọ̀n-bí-àgbà, tí ó máa ń ti àwọn agboolé Ẹ̀bùté Mẹ́ta jáde wá ṣa èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà dà nù. Ohun tí ó fi olówó rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ ni òwe tí ó ní ewúrẹ́ jẹ, ó relé, àgùntàn jẹ, ó relé. Lóòótọ́ ni ó ń relé. Àmọ́ òbúkọ tí ó gùn ún lójú ọ̀nà, àti ọjọ́ tí ó gùn ún, kò sí ẹni tí ó rí i. Nítorí náà ni ó fi máa ń gbé oyún fún oṣù márùn-ún gbáko láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ju pé ikùn rẹ̀ ń tóbi lọ, títí yóò fi bímọ lóru sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tí ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá òkú ọmọ ẹran méjì.

Ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ọjọ́. Ewúrẹ́ kúkurú, tí ó tàn kálẹ̀ ní igbó ẹ̀bá òkun láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ilẹ̀ Kóńgò, a máa gbé oyún fún ọjọ́ 145 sí 150, ó sì lè lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ tí akọ gùn ún yóò mọ ọ̀sẹ̀ tí yóò bí, yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àmì tí a ó sọ níwájú. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń sin ìran ewúrẹ́ tí ó ṣẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa yìí fún wàrà, tí wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ Nàìjíríà pè é, kì í jẹ́ kí akọ gun abo láìkọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹran kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí òbúkọ bá gun abo ewúrẹ́ kan ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2025, ohun àkọ́kọ́ tí olówó rẹ̀ yóò ṣọ́ ni ọjọ́ 28 sí 31 oṣù náà, nítorí pé abo tí oyún kò bá dúró sí lára yóò tún máa wá akọ láàárín ọjọ́ 18 sí 21: yóò máa ké, yóò máa ju ìrù, abẹ́ rẹ̀ yóò sì wú díẹ̀. Bí àkókò yìí bá kọjá láìsí èyí, ó ṣeé ṣe kí oyún ti dúró. Ọjọ́ ìbí yóò wá bọ́ sí àárín ọjọ́ 2 sí 7 oṣù Kẹjọ, àfikún oúnjẹ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ 7 náà.

Irú akọ tí ó gùn ún ṣe pàtàkì bí ọjọ́ ti ṣe pàtàkì. Àwọn ewúrẹ́ gíga tí ọkọ̀ ń kó wá sí Èkó láti òkè Ọya, bíi ewúrẹ́ pupa Ṣókótó, tóbi ju tiwa lọ. Bí òbúkọ irú wọn bá sì gun abo kúkurú tí kò ju kílò 20 lọ, ọmọ inú lè tóbi ju ọ̀nà tí yóò gbà jáde lọ. Bákan náà ni ọmọdé abo: ó lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà bí a bá jẹ́ kí ó máa bá akọ rìn, bẹ́ẹ̀ ni egungun ìdí rẹ̀ kò tíì gbòòrò. Ẹ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì dúró títí abo yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́wàá.

Ikùn nìkan kò tó ẹ̀rí oyún, pàápàá ní àdúgbò ọjà. Àpò ńlá tí koríko ń wọ̀ wà ní ìhà òsì ewúrẹ́, ọmọ a sì máa fara hàn ní ìhà ọ̀tún nísàlẹ̀, níbi tí a lè fọwọ́ mọ̀ pé ó ń sún ní oṣù tí ó kẹ́yìn. Ewúrẹ́ tí ikùn òsì rẹ̀ le, tí ó tóbi, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ ń gbẹ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ ọjà ni ó gbé mì. Ọ̀rá náà kì í dà nínú rẹ̀. Bí aboyún bá sì gbé e mì, kò ní sí àyè fún oúnjẹ tí òun àti ọmọ yóò jẹ.

Àyè yìí gan-an ni ọ̀ràn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìkẹyìn. Púpọ̀ nínú ìwọ̀n ara ọmọ, tí ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìgbà yìí ni ó ń dé sí i lára, ìbejì sì wọ́pọ̀ lára ewúrẹ́ kúkurú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ọmọ tí ó ń gbòòrò ń fún àpò oúnjẹ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ohun díẹ̀ tí ó lágbára ni kí a fún un, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: èérí ògì tàbí èérí àgbàdo, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a máa fi kún un ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ewé àgúnmániyè àti koríko tútù. Èèpo ẹ̀gẹ́ dára bí a bá sá a gbẹ dáadáa, nítorí oró wà nínú tútù rẹ̀. Aboyún tí ó bá kọ oúnjẹ lójijì ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí ohun dídùn tí ó ti kan, ara rẹ̀ ti ń jẹ ọ̀rá ara rẹ̀ láti fi bọ́ ọmọ. Kí a fún un ní omi ṣúgà mu lójú ẹsẹ̀, kí a sì pe dókítà ẹran ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ó lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Àrùn kàtá tún ń bẹ, tí í mú imú àti ojú ewúrẹ́ ṣomi, tí í fún un ní ìgbẹ́ gbuuru, tí í sì ba oyún jẹ́. Kòkòrò tí a fi ṣe gbajúmọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ara ewúrẹ́ Nàìjíríà ni a ti mú un ní ọdún 1975. Kí a gún abo kí akọ tó gùn ún. Ààbò náà yóò sì tipa wàrà àkọ́kọ́ dé ara ọmọ.

Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí a so ìrìnkiri rọ̀. Kí a yà á sí ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí a fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Láti ọjọ́ 145, òwúrọ̀ àti alẹ́ ni kí a máa wò ó.

Àwọn àmì náà a máa tẹ̀lé ara wọn. Ọmú ni ó kọ́kọ́ ń kún, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọmú adélébọ̀ tuntun tí kò bí rí lè má kún títí di ọjọ́ tí yóò bí, nítorí náà kí a má fi èyí nìkan ṣèdájọ́. Lẹ́yìn náà ni ikùn yóò wálẹ̀, tí ìhà méjèèjì yóò jìn, tí abẹ́ rẹ̀ yóò wú, tí yóò sì gùn. Àmì tí ó dájú jù lọ wà nídìí ìrù: bí a bá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibẹ̀, a ó bá iṣan méjì tí ó le bí pẹ́ńsù. Kí a máa fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ kí a lè mọ bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ tí iṣan náà bá rọ̀ títí a kò fi rí i mọ́, tí ìka méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pàdé yí ìdí ìrù ká, ìbí kò ní ju ọjọ́ kan lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmú yóò wá le, yóò máa dán. Ìwà rẹ̀ náà yóò yí padà: yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ walẹ̀, yóò máa dùbúlẹ̀, yóò máa dìde, yóò máa bojú wo ìhà rẹ̀, yóò sì máa ké kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí omi tí ó ki, tí ó fà gùn bí okùn, bá ń já lábẹ́ rẹ̀, kí a má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìrọbí àkọ́kọ́ lè gba wákàtí méjìlá, kò sì sí ohun tí a ó ṣe sí i ju kí a dákẹ́ kí a sì máa wò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rin gidigidi, kí a wo aago. Ẹsẹ̀ iwájú méjì, tí imú sì gorí wọn, ni ọmọ tí ó wá dáadáa fi ń yọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì náà kò burú, bí ó bá ti lè yára jáde. Bí ó bá rin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ohun tí ó yọ, tàbí tí a rí ìrù nìkan, tàbí orí láìsí ẹsẹ̀, ọmọ kò dọ́gba nínú, ó sì tó àkókò láti pe dókítà ẹran. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́; àmọ́ àgbà tí yóò ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gé èékánná, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí ó má sì fa ọmọ àfi nígbà tí ìyá bá ń rin, kí ó sì fà á sí ìsàlẹ̀ lọ́nà ẹsẹ̀ ìyá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agbára a máa fa ilé ọmọ ya.

Bí ọmọ bá ti bọ́, kí a nu imú àti ẹnu rẹ̀, kí a jẹ́ kí ìyá lá a gbẹ, kí a fi ìwọ́ rẹ̀ bọ inú aódíìnì. Kí a fún orí ọmú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan kí ìdí rẹ̀ là, kí ọmọ sì mu láàárín wákàtí kan. Ìyá ewúrẹ́ kì í fi ohun tí ń bá àrùn jà ránṣẹ́ sí ọmọ nínú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́ tí ó ki, tí ó pọ́n, nìkan ni ó wà, ìfun ọmọ kò sì lè gbà á mọ́ nígbà tí ọjọ́ kan bá kọjá. Ọmọ tí ó wọn kílò kan àti díẹ̀ yóò mu tó mílílítà 120 lọ́jọ́ náà. Ibi ọmọ yẹ kí ó jáde láàárín wákàtí méjìlá. Bí kò bá jáde, kí a má fà á, dókítà ni kí a pè.

Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú gbogbo èyí fún ará Ọ̀yìngbò tí ó mọ ọjọ́ tí akọ gun ẹran rẹ̀. Nítorí náà, kí olúkúlùkù tí ó ní abo ewúrẹ́ kọ ọjọ́ náà sára ògiri ilé ẹran, kí ó ka ọjọ́ 145 síwájú, kí ó sì ti wá nọ́ńbà dókítà ẹran kan sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí ewúrẹ́ lè bí lóru nígbà tí a kò múra sílẹ̀ dè é.