Pọ́ńpù Kan, Táńkì Méjì

Bí pọ́ńpù kan ṣoṣo bá ń pín omi dọ́gba sí táńkì méjì tó ń jò nísàlẹ̀, ṣé a lè fi í mú omi táńkì kọ̀ọ̀kan dé ibi tó wù wá? Bó bá sì jẹ́ àpapọ̀ omi méjèèjì nìkan la ń rí kà, ṣé a lè mọ iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Rudolf Kálmán, tí wọ́n bí ní Budapest, gbé ọ̀nà tí a fi ń dáhùn irú ìbéèrè méjèèjì yìí kalẹ̀ níbi àpérò àgbáyé kan ní Mọ́sìkò lọ́dún 1960.

A ó kọ́kọ́ kọ ipò táńkì sílẹ̀. x1 àti x2 ni iye sẹ̀ǹtímítà tí omi fi ga ju ibi tí a fẹ́ lọ. U ni ohun tí a fi kún iṣẹ́ pọ́ńpù tàbí tí a dín kù níbẹ̀. Y ni ohun tí a ń kà.

```
x' = Ax + Bu,   y = Cx
A = [-1 0; 0 -2]   B = [1; 1]   C = [1 1]
```

x' ń sọ bí omi ṣe ń yí padà láàárín wákàtí kan. Táńkì kejì ń jò ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́.

Láti dán ìdarí wò, a ó sọ B di púpọ̀ pẹ̀lú A, a ó sì gbé èsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ B. Mátíríìsì tuntun náà ni `[1 -1; 1 -2]`. Ẹ sọ nọ́ńbà igun méjì tó kọjú síra di púpọ̀, kí ẹ yọ ti igun méjì yòókù kúrò: −2 yọ −1, ó ku −1. Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe òdo, pọ́ńpù náà tó.

Ká ní táńkì méjèèjì ń jò bákan náà ńkọ́? Mátíríìsì á di `[1 -1; 1 -1]`, èsì rẹ̀ á sì jẹ́ òdo. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí pọ́ńpù bá fún ọ̀kan ló ń fún èkejì, nítorí náà kò lè fọwọ́ kan ìyàtọ̀ àárín wọn. Ìyàtọ̀ yẹn á máa dín kù fúnra rẹ̀ ni.

Fún kíkà, C la ó gbé sókè, CA sísàlẹ̀. Bí ìjò bá dọ́gba, òdo náà la ó bá: 20 àti 10 jẹ́ 30, 15 àti 15 náà jẹ́ 30, àpapọ̀ wọn á sì máa lọ sílẹ̀ bákan náà títí láé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra nìyí. Bí ìjò bá jẹ́ 1 àti 1.01, èsì á jẹ́ −0.01. Ìdánwò á ní ó ṣeé ṣe, nítorí kì í ṣe òdo. Ṣùgbọ́n bí a bá pa pọ́ńpù, x2 = −100(y + y'). Àṣìṣe mílímítà kan nínú àpapọ̀ tí a kà á di sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nínú táńkì kejì. Nítorí èyí, ẹ máa wo bí èsì ṣe tóbi tó, kì í ṣe bóyá ó jẹ́ òdo nìkan. Bó bá kéré báyìí, ẹ fi ohun èlò tó ń ka omi sínú táńkì kejì gan-an.