Àlàfo Tó Wà Láàrin Áàpù Méjì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, ẹsẹ̀ kò gbèrò mọ́ nínú ọjà áàpù tí èèyàn fi ń kéde ibi tó wà. Foursquare ti gba ìgboro láti ọdún 2009, Gowalla sì ń bá a du oníbàárà. Inú ọjà yìí ni Kevin Systrom gbé Burbn rẹ̀ wọ̀ ní San Francisco. Burbn ń jẹ́ kí èèyàn kéde ibi tó wà, kó bá ọ̀rẹ́ ṣètò ìpàdé, kó gba máàkì, kó sì fi fọ́tò han ọ̀rẹ́. Ẹrù náà ti pọ̀ jù fún áàpù kan. Nígbà tí Mike Krieger dara pọ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn tó ń lò ó ń fi ṣe gan-an. Fọ́tò ni! Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, wọn kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹlòmíràn ì bá ti sáré lọ ṣe áàpù fọ́tò lọ́jọ́ kejì. Àwọn yìí kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà lórí àtẹ.

Hipstamatic ni ọ̀gá níbẹ̀ nígbà náà. Ìparí ọdún 2009 ló jáde, owó rẹ̀ kò tó dọ́là méjì, fọ́tò rẹ̀ sì lẹ́wà bí èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà ayé àtijọ́ yà. Àmọ́ kí èèyàn tó ya fọ́tò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan lẹ́ńsì, kó yan fíìmù. Tó bá yà á tán, yóò tún dúró díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń fọ fọ́tò náà lọ́wọ́. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá wá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi kó tún òmíràn yà. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, kò sí àgbàlá kankan nínú áàpù náà tí àwọn ọ̀rẹ́ ti lè máa wo fọ́tò ara wọn. Facebook ní tirẹ̀ kún fún ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n bí fọ́tò fóònù bá ṣe ṣú tó náà ni yóò ṣe débẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò tó rẹwà, tó sì fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rí i, ní láti ya á níhìn-ín kó tó gbé e lọ sọ́hùn-ún. Wàhálà àlọ-àbọ̀ yìí gan-an ni àlàfo tí wọ́n rí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, Instagram jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn á kọ́kọ́ ya fọ́tò, lẹ́yìn náà ni yóò yan fílítà, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n ń fi kun fọ́tò, yóò sì fi ránṣẹ́ sí Facebook tàbí Twitter láti ojú kan náà. Wọ́n tún dá ọgbọ́n kan: bí oní-fọ́tò bá ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, áàpù náà ti ń gbé fọ́tò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá fi máa tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹgbẹ̀rún 25 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pé mílíọ̀nù kan.

Kí ló dé tí Hipstamatic kò fi tètè dí àlàfo náà fúnra rẹ̀? Ó jọ pé ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí owó áàpù, ó tún ń ta lẹ́ńsì àti fíìmù àfikún, nítorí náà yíyàn tó ń dá àwọn kan lágara ni ọjà rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí lónìí lè wa áàpù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń bá ara wọn díje sórí fóònù kan, kó fi gbogbo wọn ṣe iṣẹ́ kan náà, kó máa kọ iye ìgbà tó tẹ ojú fóònù àti ibi tó ti dúró sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ sábẹ́ wọn. Àwọn tó fún áàpù ní ìràwọ̀ márùn-ún kì í sábà sọ ju pé ó dára lọ. Àwọn olóníràwọ̀ kan sì lè máa bínú nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n gbàgbé. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni kó lọ́ra lé lórí, níbi tí oníbàárà ti ń sọ pé, "Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mo ṣì ní láti lọ lo òmíràn fún báyìí-báyìí." Bí irú ẹjọ́ yẹn bá ti wà nílẹ̀ fún ọdún kan tí oníáàpù ń ṣàtúnṣe ohun mìíràn lóṣooṣù, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ pé kí ni onítọ̀hún yóò pàdánù bó bá tún un ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó ṣófo ló ní oníbàárà o. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, Color jáde pẹ̀lú mílíọ̀nù 41 dọ́là lápò. Gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ara wọn ni yóò máa rí fọ́tò ara wọn, yálà wọ́n mọra tàbí wọn kò mọra. Ọ̀nà tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe làálàá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dá ṣí i nínú yàrá rẹ̀ kì í rí nǹkan kan àyàfi fọ́tò tirẹ̀. Nígbà tí ọdún 2012 fi máa parí, ó ti kógbá sílé.

Hipstamatic ní tirẹ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2012 kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè máa fi fọ́tò ránṣẹ́ tààrà sórí Instagram. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Facebook kéde pé òun yóò ra Instagram ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Òṣìṣẹ́ 13 péré ló wà níbẹ̀ nígbà náà.