Ògiri tí oòrùn ń gbà kọjá láì fò ó

Bí ẹ bá ní òòfà méjì nílé, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn agbóhùnjáde inú rédíò àtijọ́, ẹ dojú kan náà kọra lára wọn, kí ẹ máa sún wọn mọ́ra. Tí wọ́n bá jìnnà síra, ọwọ́ yín kò ní mọ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ra ni wọ́n á máa ti ara wọn, títí ọwọ́ yín á fi máa gbọ̀n. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló wà láàárín pírótọ́ọ̀nù méjì nínú oòrùn. Irú iná mànàmáná kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, iná tó bá sì jọra a máa lé ara wọn. Ìléra yìí ni wọ́n ń pè ní ògiri Coulomb, nítorí Charles Coulomb, ará Faransé tó wọ̀n ọ́n ní 1785.

Lẹ́yìn ògiri yẹn ni ooru wà. Bí pírótọ́ọ̀nù méjì bá súnmọ́ra débi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, agbára mìíràn tó le ju ti iná lọ, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í nà jìnnà, lè gbá wọn mú. Ibẹ̀ ni háídírójìn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í di hílíọ́mù. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń débẹ̀?

Bí gáàsì bá ṣe gbóná tó ni àwọn ohun tíntìntín inú rẹ̀ ṣe ń sáré tó. Kí pírótọ́ọ̀nù tó lè fi eré lásán fo ògiri náà, ó gba nǹkan bí 10 bílíọ̀nù dígíríì. Àárín gbùngbùn oòrùn kò ju nǹkan bí 15 mílíọ̀nù lọ. Lóòótọ́ àwọn kan máa ń sáré ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àmọ́ èyí tó lè sáré débẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú iye tí à ń kọ ní oókan, kí òdo tó ju 400 lọ tó tẹ̀ lé e. Gbogbo pírótọ́ọ̀nù inú oòrùn kò ju oókan tí òdo 57 tẹ̀ lé lọ. Nínú ìṣirò àtijọ́, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó máa fò ó.

Ohun tí wọ́n fi ko Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lójú nìyẹn. Láti 1920 ló ti ń sọ pé háídírójìn mẹ́rin wúwo díẹ̀ ju hílíọ́mù kan lọ, àti pé ìwọ̀n tó sọnù yẹn ló ń di ooru ìràwọ̀. Wọ́n ní ìràwọ̀ kò gbóná tó. Kò yẹsẹ̀: hílíọ́mù ṣáà wà, ibì kan sì ni wọ́n ti ṣe é. Orí mi máa ń wú sí ìdúró yẹn, torí pé nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà náà hàn ní 1928. George Gamow, tí wọ́n bí sí Odessa, ń wá ìdí tí nǹkan fi ń já jáde láti inú yùréníọ́ọ̀mù láì ní agbára tó láti fo ògiri tó yí i ká. Ìmọ̀ kúọ́ńtọ̀mù ló fi yanjú rẹ̀. Ohun tó kéré tó pírótọ́ọ̀nù kò rí bí òkò. Ó ń ṣe bí ìgbì, ìgbì kì í sì í kú fin-ín bó bá kan ògiri. Ẹ rántí ìlù àríyá ilé kejì lóru: ilẹ̀kùn wà ní títì, síbẹ̀ ìlù náà ń gba ara ògiri wọlé, ó kàn lọ sílẹ̀ ni. Ti pírótọ́ọ̀nù kì í ṣe ohùn tó lọ sílẹ̀. Àǹfààní pé a óò bá a lódìkejì ló ń dín kù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Robert Atkinson àti Fritz Houtermans mú ìṣirò yìí wọ inú ìràwọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ibi tí pírótọ́ọ̀nù méjì ti lè gbá ara wọn mú ṣe mítà kan. Àwọn tí agbára eré wọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹgbẹ́ wọn, nǹkan bí 200 mítà ni eré ti ń tán lẹ́sẹ̀ wọn. Gbogbo ìyókù, inú ògiri ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọlura ní nǹkan bí ìgbà 10,000, wọ́n á gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni tiwọn. Àwọn tó yára jù ń kọjá dáadáa, wọn kò kàn pọ̀. Àwọn tó wà láàárín ló ń ṣiṣẹ́ oòrùn.

Kíkọjá nìkan kò sì tó. Pírótọ́ọ̀nù méjì kì í lè dúró pọ̀, àfi bí ọ̀kan bá di níútírọ́ọ̀nù lójú ẹsẹ̀, èyí sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Hans Bethe àti Charles Critchfield ló ṣírò ìgbésẹ̀ yìí ní 1938. Nítorí rẹ̀, pírótọ́ọ̀nù kan lè dúró nǹkan bí 10 bílíọ̀nù ọdún kó tó rí ẹnì kejì. Bí a bá fi ààyè kan náà wé ara wọn, ooru tí ara ènìyàn ń mú jáde pọ̀ ju ti àárín oòrùn lọ. Títóbi oòrùn ló mú kó rí bó ṣe rí.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ITER ní ilẹ̀ Faransé kò fi lè wo oòrùn kọ́ tiwọn. Wọn kò ní bílíọ̀nù ọdún láti fi dúró. Háídírójìn wíwúwo, èyí tó ti ní níútírọ́ọ̀nù lára tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fẹ́ lò, wọ́n sì fẹ́ mú un gbóná dé nǹkan bí 150 mílíọ̀nù dígíríì, ìlọ́po mẹ́wàá ti àárín oòrùn. Níbẹ̀ náà, inú ògiri ni wọ́n ṣì máa gbà.