Ìlà Kan Tó Ń Ba Funfun Jẹ́ Lórí Fóònù

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá géèmù ìjà rí mọ nǹkan yìí, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ọta ba ọ̀tá, ara ọ̀tá náà funfun báláú, kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú, ó ti padà sí àwọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ojú ni pé ọta wọlé. Tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ṣe ni ẹni tó ń gbá géèmù á máa yìnbọn bí ẹni ń yìn ín sínú afẹ́fẹ́, kò ní mọ̀ bóyá ọ̀tá ń fara gbọta tàbí ọta ń fò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ kan fi máa ń ká àwọn tó ń ṣe géèmù lára gan-an: lórí kọ̀ǹpútà, ara ọ̀tá ń funfun bó ṣe yẹ, lórí fóònù kan, ó ń funfun, lórí fóònù míì, ó lè funfun, ó lè má funfun, ó sì lè funfun kó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kóòdù kan náà ni o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán di funfun. Àwòrán inú géèmù, tí wọ́n ń pè ní sípíráìtì, jẹ́ àkójọ píksẹ́lì. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín 0 sí 1. Ọ̀nà ìpàwọ̀dà tó rọrùn jù ni pé kí wọ́n fi nọ́ńbà àwọ̀ míì sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di púpọ̀. Ọ̀nà yẹn lè sọ àwòrán di pupa, ó lè mú un ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di funfun, torí 1 ni nọ́ńbà funfun, 0.8 lọ́nà 1, 0.8 náà ni. Ti dúdú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òdo lọ́nà ẹgbẹ̀rún, òdo náà ni. Nítorí náà, wọ́n ní láti kọ ètò kékeré kan tí ṣíìpù àwòrán yóò máa ṣe lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ṣédà ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan rèé, irú èyí tó wọ́pọ̀:

```
precision mediump float;
varying vec2 v_uv;
uniform sampler2D u_tex;
uniform float u_time;
uniform float u_hit;
void main() {
  vec4 c = texture2D(u_tex, v_uv);
  float f = (u_time - u_hit < 0.1) ? 1.0 : 0.0;
  gl_FragColor = vec4(mix(c.rgb, vec3(1.0), f), c.a);
}
```

Kò le tó bó ṣe rí lójú. `u_time` ni aago géèmù, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i. `u_hit` ni àkókò tí ọta ba ọ̀tá. Tí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò bá tíì tó 0.1, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, `f` á jẹ́ 1, `mix` á sì fi funfun rọ́pò àwọ̀ píksẹ́lì náà. Tí àkókò bá ti kọjá, `f` á di 0, àwọ̀ á padà. Wọn ò fọwọ́ kan `c.a`, torí òun ló mọ ibi tí àwòrán wà àti ibi tó ṣófo; tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo àpótí tó yí àwòrán ká ni yóò funfun. Ìrònú inú rẹ̀ pé. Lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn lè gbá géèmù yìí láti àárọ̀ di alẹ́ kó má sì rí àbùkù kankan.

Ìlà àkọ́kọ́ ni wàhálà wà, ìlà tí gbogbo èèyàn ń kọjá lára rẹ̀ láì wò ó.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Khronos gbé ìlànà OpenGL ES 2.0 jáde ní 2007 fún fóònù àti àwọn ẹ̀rọ kékeré, wọ́n mọ̀ pé bátìrì ò ní agbára tó pọ̀. Wọ́n wá gba ẹni tó ń kọ ṣédà láyè láti sọ bí ìṣirò òun ṣe gbọ́dọ̀ péye tó: `lowp` ni ìsàlẹ̀, `mediump` ni àárín, `highp` ni òkè. Nínú ṣédà tó ń kun píksẹ́lì, dandan ni kí èèyàn sọ èyí tó fẹ́ fún nọ́ńbà oní-pọ́ìntì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kóòdù ò ní wọlé. Bí ìlà `precision mediump float;` ṣe di ohun tí ẹnì kan ń dà kọ lọ́dọ̀ ẹnì kejì nìyẹn, tí kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó wà fún. Ṣíìpù kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ ka ìlà náà sí. Bíìtì 32 ló máa fi ṣe gbogbo ìṣirò, ohun yòówù kí ẹ kọ. Ṣíìpù fóònù púpọ̀ ní tiwọn gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́: bíìtì 16 ni wọ́n ń fi ṣe `mediump`.

Nínú bíìtì 16 yẹn, mẹ́wàá péré ló wà fún ìpéye. Ó dà bíi tépù télọ̀ tí àmì ara rẹ̀ ń jìnnà síra wọn bí a ṣe ń nà án lọ. Láàárín 1 sí 2, àmì kan sí èkejì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá di ìlọ́po méjì ni àlàfo náà ń di ìlọ́po méjì. Láti 128 sí 256, àlàfo ti di 0.125, èyí tó ti ju 0.1 tí a fẹ́ fi wọn àkókò lọ. Láti 256, ó di 0.25. Nígbà tó bá fi máa di 1024, àlàfo ti di odindi 1.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọ̀tá wa. Ká ní géèmù ti ń lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, aago wà ní 300, ṣíìpù sì ń mú àmì tó súnmọ́ jù. Kò mọ 300.05, kò mọ 300.12, àmì 300, 300.25 àti 300.5 nìkan ló ní. Ọta kan ba ọ̀tá ní 300.12. Ṣíìpù kọ ọ́ sílẹ̀ bíi 300. Aago náà ń ka 300 lọ́wọ́, ìyàtọ̀ jẹ́ òdo, ara funfun. Ṣùgbọ́n ní 300.125, aago fò lọ sí 300.25, ìyàtọ̀ ti ju 0.1 lọ, funfun parí. Férémù kan ṣoṣo ni, nínú géèmù tó ń ya ọgọ́ta férémù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kì í sábà rí i. Ọta míì wá bà á ní 300.13, tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló fi yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn bọ́ sí 300.25, aago ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí di 300.375. Funfun náà á lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ìlọ́po méjì ohun tí a fẹ́ àti díẹ̀ sí i. Tí géèmù bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ara ọ̀tá lè funfun fún nǹkan bí odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni tí wọ́n da lẹ́búlẹ́bú lé lórí.

Ohun tó ń jẹ́ kí àléébù yìí pẹ́ kí wọ́n tó mú un ni pé ó dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe géèmù gbé e sórí fóònù, ó yìnbọn díẹ̀, ara ọ̀tá funfun, ó ní ó ti parí. Kò lo ìṣẹ́jú méjì. Oníbàárà tó gbá a fún ogún ìṣẹ́jú ló máa kígbe, tó bá sì ti géèmù náà pa kó tó tún un ṣí, aago á padà sí òdo, gbogbo nǹkan á tún dára. Wọ́n á ní fóònù ló gbóná. Wọ́n á ní ibi ìpamọ́ ló kún. Èmi ò gba àlàyé ooru yẹn gbọ́ rárá, torí ooru máa ń jẹ́ kí géèmù falẹ̀ ni; kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ọ̀tá tí ọta bà ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ padà sí àwọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá rí ìyẹn, tí wọ́n ń padà pa pọ̀ bíi pé ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, àmì tépù ni wọ́n ń dúró dè.

Ọ̀nà méjì ló yá láti fi rí i dájú. Àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ aago láti òdo: ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti 1000. Tó bá jẹ́ ìpéye ni, àléébù á jáde ní ọta àkọ́kọ́, ẹ ò ní gbá géèmù fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó rí i. Èkejì, ẹ bi ṣíìpù fúnra rẹ̀. Fún géèmù inú bùráúsà, ìbéèrè náà rèé:

```
gl.getShaderPrecisionFormat(
  gl.FRAGMENT_SHADER, gl.MEDIUM_FLOAT).precision
```

Kọ̀ǹpútà á dáhùn 23. Fóònù tó ń fi bíìtì 16 ṣe é á dáhùn 10.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá ti dé ibí, á kàn pa `mediump` rẹ́, wọ́n á kọ `highp` rọ́pò rẹ̀. Ó máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú OpenGL ES 2.0, kò pọn dandan kí ṣíìpù ní `highp` níbi tí wọ́n ti ń kun píksẹ́lì. Mali-400 kò ní i rárá. Òun ló wà nínú Galaxy S II ti Samsung ní 2011, òun náà ló sì wà nínú MT6580 ti MediaTek, ṣíìpù tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú. Lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, ṣédà yẹn lè má wọlé, ọ̀tá á wá di ohun tí a ò rí mọ́. Àìsàn tẹ́lẹ̀ sàn ju oògùn yẹn lọ.

Ohun tó tọ́ ni pé kí aago má wọ inú ṣédà rárá. Kí ètò géèmù fúnra rẹ̀ ṣe ìyọkúrò yẹn níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti péye, kó sì fi èsì nìkan ránṣẹ́:

```
flash = (now - hitTime < 0.1) ? 1.0 : 0.0;
```

Ṣédà á gba `u_flash`, á sì lò ó nípò `f`. Nọ́ńbà tó wà láàárín 0 sí 1 ò lè ṣìnà nínú bíìtì 16. `lowp` pàápàá gbà á. Ó tún dín iṣẹ́ kù: sípíráìtì tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 64, tó ga ní 64, ní píksẹ́lì 4096, kò sì sí ìdí tí gbogbo wọn fi gbọ́dọ̀ máa yọ àkókò kan náà kúrò nínú òmíràn. Ibi kan wà tí ó ti nílò àtúnṣe díẹ̀: tí géèmù bá ń kó ọ̀pọ̀ sípíráìtì pọ̀ yà lẹ́ẹ̀kan, `u_flash` kan á sọ gbogbo wọn di funfun. Níbẹ̀, kí wọ́n so nọ́ńbà náà mọ́ igun àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń so àwọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má rò pé fóònù àtijọ́ nìkan ló kàn. Láti OpenGL ES 3.0 ti 2012 ni `highp` ti di dandan fún píksẹ́lì, ṣùgbọ́n `mediump` ṣì wà ní bíìtì 16 lórí ọ̀pọ̀ ṣíìpù fóònù tuntun, torí ó ń yára, ó sì ń dáàbò bo bátìrì. Tí ìlà tí ẹ dà kọ yẹn bá ṣì wà lórí ṣédà yín, ẹ gbé aago lọ sí 1000 lónìí, kẹ́ ẹ sì yìnbọn fún ọ̀tá kan lórí fóònù tó rẹlẹ̀ jù nínú ilé.