Kí ló dé tí ata fi ń ta wá nínú?

Ní agbègbè Atakpamé, bí a bá gún iyán, a óò se ọbẹ̀. Bí ata bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ náà, yóò ta wá lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, inú á máa jó wa. Nígbà mìíràn, a óò sáré lọ sí ilé ìgbẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé òkèlè kan láti ẹnu títí yóò fi jáde, ká lè mọ ohun tó fà á.

Nínú ẹnu

Ẹ fojú inú wo ata rodo kan lórí àtẹ. Kò gbóná. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ahọ́n, ó dà bí ẹni pé iná ń jó wa. Èròjà kan ló wà nínú ata tí à ń pè ní kapusesíìnì. Ó pọ̀ jù lọ ní ara awọ funfun tó di kóró ata mú.

Iṣan tín-ín-tín wà ní ẹnu wa. Bí ohun gbígbóná bá kàn wọ́n, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Kapusesíìnì máa ń tan àwọn iṣan yìí jẹ. Wọ́n á sọ fún ọpọlọ pé, “Iná ń jó wa!” Ọpọlọ á gbà wọ́n gbọ́. A óò làágùn, imú wa á sì máa ṣomi. Ní ọdún 1997, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, David Julius, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn bí ata ṣe ń tan iṣan wọ̀nyí jẹ. Ní ọdún 2021, ó gba ẹ̀bùn Nọ́bẹ́ẹ̀lì fún iṣẹ́ náà.

Nínú agbẹ̀du

A gbé òkèlè náà mì. Ó bọ́ sínú àpò kan nínú ikùn. Agbẹ̀du ni à ń pe àpò náà. Iṣan bíi ti ẹnu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ata á tan àwọn náà jẹ, inú á sì máa jó wa. Bí ebi bá ń pa wá tí agbẹ̀du sì ṣófo, ata á kan ara rẹ̀ tààrà. Nígbà náà ni ó máa ń jó wa jù.

Nínú ìfun

Láti agbẹ̀du, oúnjẹ á wọ inú ìfun. Ìfun gùn bí okùn tí a ká. Ó ń fún oúnjẹ síwájú díẹ̀díẹ̀. Bí oúnjẹ ṣe ń lọ, ìfun ń fa omi rẹ̀ sínú ara, kí ìgbẹ́ lè le.

Bí ata bá pọ̀, ìfun á fẹ́ lé e jáde. Á máa fún oúnjẹ kíákíá, inú á sì máa lọ́ wa. Omi kò ní ráyè wọ inú ara dáadáa. Ìgbẹ́ á rọ̀, a óò sì sáré.

Ṣé ọbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ló jáde yẹn? Rárá o. Oúnjẹ lè lo ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wa. Oúnjẹ tó ti wà níwájú ni ata lé jáde. Ata fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì dà tán. Iṣan kan náà wà ní ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde. Nítorí náà, ata lè ta wá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kí ni ká ṣe?

Omi nìkan kì í wẹ ata kúrò lẹ́nu, nítorí kapusesíìnì kì í yòrò dáadáa nínú omi. Ó ń yòrò nínú ọ̀rá. Wàrà dára ju omi lọ. Òkèlè iyán tí kò ní ọbẹ̀ náà lè nu ata kúrò lórí ahọ́n. Kí ìyá tó lọ ata, ó lè yọ awọ funfun inú rẹ̀. Ọbẹ̀ náà kò ní ta púpọ̀.

Inú jíjó tí ata fà kì í pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ olómi léraléra, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ata kọ́ ló fà á. Àìsàn ni. Kí ó sọ fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kíá, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè

1. Níbo ni kapusesíìnì ti pọ̀ jù nínú ata?
2. Kí ni ìfun ń ṣe bí ata bá pọ̀ jù?
3. Kí ló dé tí omi nìkan kì í wẹ ata kúrò lẹ́nu?
4. Dárúkọ ohun méjì tó ń fi hàn pé àìsàn ni, kì í ṣe ata.