Ìpín Bítíkọ́ìnì àti Ẹni Tó Di Ọ́tíkọ́ìnì Mú

Ìpín Bítíkọ́ìnì ni ohun tí gbogbo Bítíkọ́ìnì tó wà nílẹ̀ kó nínú àpapọ̀ iye gbogbo owó kírípítò. Bí iye gbogbo kírípítò bá jẹ́ 1,000 bílíọ̀nù dọ́là, tí ti Bítíkọ́ìnì sì jẹ́ 500 bílíọ̀nù, ìpín rẹ̀ jẹ́ 50%. Orí TradingView ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń wò ó, lábẹ́ àmì BTC.D. Àwọn owó yòókù, bíi ETH àti SOL, ni à ń pè ní ọ́tíkọ́ìnì. Sítébùkọ́ìnì ní tirẹ̀, bíi USDT àti USDC, ni a ṣe kí ẹyọ kan rẹ̀ máa jẹ́ dọ́là kan, ibẹ̀ sì ni oníṣòwò máa ń kó owó sí tí kò bá fẹ́ kí ọjà máa gbé e sókè sódò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé bí BTC.D bá ń gòkè, kí èèyàn kó kúrò nínú ọ́tíkọ́ìnì. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ẹni tó ń ṣe dáadáa ju ẹnì kejì lọ ni BTC.D ń fi hàn, kò sọ bóyá ọ̀kankan nínú wọn ń jèrè.

Ọdún 2018 fi èyí hàn gbangba. Ní àárín oṣù Jánúárì ọdún náà, BTC.D wà ní nǹkan bíi 33%. Bítíkọ́ìnì kan ń lọ ní nǹkan bíi 14,000 dọ́là, ETH kan sì ń lọ ní nǹkan bíi 1,400. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Dìsẹ́ńbà, BTC.D ti ga dé nǹkan bíi 55%. Ẹni tó rí i tó ń gòkè, tó sì pa 1,400 dọ́là ETH rẹ̀ dà sí Bítíkọ́ìnì, ṣe ohun tí àmì náà ní kó ṣe, ó sì sàn fún un ju ẹni tó jókòó ti ETH lọ: nǹkan bíi 320 dọ́là ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, nígbà tí ti ẹnì kejì kù sí nǹkan bíi 84. Àmọ́ ẹni tó kó tirẹ̀ sínú sítébùkọ́ìnì tí kò mì ṣì ní 1,400 rẹ̀. Bítíkọ́ìnì àti ọ́tíkọ́ìnì jọ ń bọ́ sílẹ̀ ni. Èyí tó ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ìpín rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ìṣòro kejì fara pa mọ́ sínú ìṣirò náà fúnra rẹ̀: wọ́n ka sítébùkọ́ìnì mọ́ àpapọ̀ tí wọ́n fi ń pín. Ká ní nínú 1,000 bílíọ̀nù yẹn, Bítíkọ́ìnì jẹ́ 500, ọ́tíkọ́ìnì 400, sítébùkọ́ìnì 100. Bítíkọ́ìnì wá pàdánù 20%, ó di 400. Ọ́tíkọ́ìnì pàdánù 35%, ó di 260. Sítébùkọ́ìnì dúró sí 100. Àpapọ̀ di 760, BTC.D sì kàn kúrò ní 50% bọ́ sí 52.6%. Ẹni tó bá yọ sítébùkọ́ìnì kúrò yóò rí i pé ìpín Bítíkọ́ìnì kúrò ní 55.6%, ó sì dé 60.6%. Ìṣípòpadà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí BTC.D fi hàn.

Èyí ló ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ní ọdún 2022. Láti oṣù Nòfẹ́ńbà 2021, nígbà tí Bítíkọ́ìnì dé nǹkan bíi 69,000 dọ́là, títí di Nòfẹ́ńbà 2022, nígbà tó já sí nǹkan bíi 15,500, BTC.D kò gbéra lọ síbì kan tó jìnnà. Ó ga sókè fúngbà díẹ̀ ní oṣù Júùnù, ó sì tún padà sí nǹkan bíi 40%. Láàárín àkókò kan náà, SOL kúrò ní nǹkan bíi 260 dọ́là, kò sì tó 10 dọ́là mọ́ nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ. Ẹni tó ń dúró kí BTC.D kìlọ̀ fún òun kò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan, nítorí bí owó yòókù ṣe ń fọ́, sítébùkọ́ìnì tí kò fọ́ ń gba àyè sí i nínú àpapọ̀ náà. Ohun tó yẹ kéèyàn tẹ̀ sórí TradingView nìyí, kó tó gba BTC.D gbọ́:

```
CRYPTOCAP:BTC.D/(100-CRYPTOCAP:USDT.D-CRYPTOCAP:USDC.D)*100
```

USDT àti USDC nìkan nìyí yọ kúrò, àmọ́ àwọn méjèèjì ló kó apá tó pọ̀ jù nínú sítébùkọ́ìnì.

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ọ́tíkọ́ìnì tó wà lọ́wọ́ èèyàn máa ń bá Bítíkọ́ìnì rìn, àti bí ìrìnpọ̀ náà ṣe lágbára tó. Ìdiwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -1, ó sì dé 1: 1 túmọ̀ sí pé wọ́n ń rìn pọ̀ pátápátá, 0 sì túmọ̀ sí pé kálukú ń lọ lọ́nà tirẹ̀. Ìyípadà ojoojúmọ́ ní ìdá ọgọ́rùn-ún la fi ń ṣe é, kì í ṣe iye owó gan-an. Ẹni tó bá fi iye owó ṣe é yóò rí ìrìnpọ̀ tí kò sí, torí pé ohun méjì tó bá ṣáà ń gòkè lásìkò kan náà yóò jọ ara wọn. Kí èèyàn kọ ìyípadà Bítíkọ́ìnì fún 30 ọjọ́ sí òpó B, ti ọ́tíkọ́ìnì sí òpó C, kó sì tẹ̀:

```
=CORREL(B2:B31,C2:C31)
=SLOPE(C2:C31,B2:B31)
```

Ìlà kejì ṣe pàtàkì bíi ti àkọ́kọ́, àwọn èèyàn sì sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Ìrìnpọ̀ kò sọ bí ìṣísẹ̀ ṣe gùn tó. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá mú 0.85 wá, tí ìlà kejì sì mú 1.6 wá, ohun tó ń sọ ni pé bí Bítíkọ́ìnì bá fi 10% wálẹ̀, ọ́tíkọ́ìnì náà yóò fi nǹkan bíi 16% wálẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Màá̀sì 2020, Bítíkọ́ìnì pàdánù ju ìdá mẹ́ta lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ETH sì pàdánù ju 40% lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní ọ́tíkọ́ìnì márùn-ún tí ìrìnpọ̀ wọn ga kò tíì pín ewu rẹ̀ sí márùn-ún. Ohun kan náà ló rà lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Tí ìrìnpọ̀ bá ga, ibi tí Bítíkọ́ìnì kọjú sí ló kọ́kọ́ yẹ kéèyàn wò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń fi iye rẹ̀ wé ìpíndọ́gba 200 ọjọ́ sẹ́yìn. Bó bá wà lábẹ́ rẹ̀, tí ìpín tí a ti yọ sítébùkọ́ìnì kúrò sì ń gòkè, àsìkò sítébùkọ́ìnì nìyẹn. Bó bá wà lókè rẹ̀, tí ìpín náà ń gòkè, Bítíkọ́ìnì ló yẹ kéèyàn dì mú. Bó bá wà lókè, tí ìpín náà ń sọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àsìkò yẹn ni ewu ọ́tíkọ́ìnì ń sanwó, bó ṣe rí láàárín Jánúárì sí Méè 2021, nígbà tí BTC.D kúrò ní nǹkan bíi 70% tó sì já sí nǹkan bíi 40%. Bó bá wà lábẹ́, tí ìpín náà sì ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí ìdí láti yára. Tí ìrìnpọ̀ bá já sí 0.3, ìtàn tirẹ̀ ni ọ́tíkọ́ìnì náà ń sọ, ìpín Bítíkọ́ìnì kò sì ní ohun púpọ̀ láti wí nípa rẹ̀. Àmọ́ 30 ọjọ́ tó ti kọjá ni gbogbo ìṣirò yìí mọ̀, ìrìnpọ̀ tó rọlẹ̀ lánàá sì lè ga lójijì lọ́jọ́ tí jìnnìjìnnì bá dé.

Sítébùkọ́ìnì náà ní ewu tirẹ̀. UST fọ́ pátápátá ní oṣù Méè 2022, nítorí pé kò sí dọ́là lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Màá̀sì 2023, USDC já sí nǹkan bíi 0.87 dọ́là nígbà tí báńkì Silicon Valley ṣubú pẹ̀lú 3.3 bílíọ̀nù dọ́là owó tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó tó padà sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún ẹni tó ń ná náírà, iye dọ́là sí náírà tún wà láti wò: ní oṣù Júùnù 2023, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi 470 náírà lójú ọjà ìjọba, ó sì kọjá 600 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí dọ́là bá ń gòkè sí náírà, ẹni tó jókòó sínú USDT lè rí èrè ní náírà láìfọwọ́ kan ọ́tíkọ́ìnì kankan, àmọ́ dọ́là náà la fi ń díye lé ọ́tíkọ́ìnì, nítorí náà èrè tí ọ́tíkọ́ìnì gbọ́dọ̀ mú wá kó tó yẹ láti fi USDT sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó ń ná dọ́là ń wò.